“Mú Ọ̀rẹ́ Mẹ́wàá Wá, Kí Àgbò Iléyá Di Tìrẹ”: Kí Ni Ìpolówó Yìí Ń Sọ Gan-an?



Tí Iléyá bá ti ku bí oṣù kan, kò sí ẹgbẹ́ Wásáàpù mọ́sálásí tí irú iṣẹ́ yìí kì í dé. Báńkì lè fi ránṣẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń fi fóònù gba owó àti san owó lè fi ránṣẹ́, àwọn tó ń ta dátà náà kò gbẹ́yìn. Àwòrán àgbò oníwo ńlá ló máa wà lókè, tí ọ̀rọ̀ yóò wà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó jáde ṣáájú Iléyá ọdún 2025, ohun tó sì wí nìyí:

“Iléyá ti dé! Mú ọ̀rẹ́ 10 wá, kí àgbò ńlá di tìrẹ! Ọ̀rẹ́ rẹ náà yóò gba ₦1,000 lọ́fẹ̀ẹ́. Fi kóòdù rẹ ránṣẹ́ báyìí, àyè kò pọ̀! Àdéhùn wà.”

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú jámáà wa, tó ń ta ṣájà àti ìbòrí fóònù, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ pátápátá. Kò fi ti ojúkòkòrò ṣe é. Ọdún náà ni ó kọ́kọ́ ní ìyàwó nílé, ó sì fẹ́ kí wọ́n pa ẹran ní ojúlé òun náà. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra àgbò. Ó wá rò ó pé òun mọ èèyàn, òun sì lè sọ̀rọ̀. Bí iṣẹ́ bá wà tí owó ọ̀yà rẹ̀ jẹ́ àgbò, kí ló dé tí òun kò ní ṣe é? Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó mú èèyàn 14 wá. Ìyá ìyàwó rẹ̀ wà nínú wọn, ládàánì mọ́sálásí wà nínú wọn, oníbàárà rẹ̀ mẹ́fà náà sì wà nínú wọn.

Nígbà tí wọ́n parí ìpolongo, áàpù náà kọ ọ́ sí i pé èèyàn mẹ́rin péré ló mú wá.

Ó bínú wá sọ́dọ̀ wa pé jìbìtì ni. A ní kó fi sùúrù gbé fóònù náà kalẹ̀, a sì jọ tẹ ibi tí wọ́n kọ “Àdéhùn wà” sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìpolówó náà gan-an wà. Wọn kò sọ “ọ̀rẹ́” níbẹ̀ mọ́, “ọ̀rẹ́ tó péye” ni wọ́n ń sọ. Ọ̀rẹ́ tó péye, ní ìtumọ̀ tiwọn, ni ẹni tí kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn rí, tó fi kóòdù ẹni tó pè é forúkọ sílẹ̀, lórí fóònù ara rẹ̀, tó fi BVN rẹ̀ sí i, tó fi ₦5,000 sínú àkáǹtì náà, tó sì fi í ra nǹkan tàbí san owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ méje.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn 14 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta nínú wọn ti ní àkáǹtì tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan tiẹ̀ ti ṣí tirẹ̀ ní ọdún 2022, ó sì ti gbàgbé. Àwọn méjì gbọ́ orúkọ áàpù náà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n lọ wá a fúnra wọn, wọ́n forúkọ sílẹ̀ láìkọ kóòdù kankan. Ìyá ìyàwó rẹ̀ àti bàbá kan kò mọ fóònù tẹ̀, nítorí náà ó bá wọn fi orúkọ sílẹ̀ lórí fóònù tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Oore ló rò pé òun ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà rí i pé fóònù kan náà ló ṣí àkáǹtì mẹ́ta, ó sì kà á sí ẹ̀tàn. Àwọn mẹ́ta tó kù lẹ́yìn ìyẹn fi owó sí i lóòótọ́, àmọ́ wọ́n yára gbà á padà láìfi ra ohunkóhun. Mẹ́ta, méjì, méjì àti mẹ́ta jẹ́ mẹ́wàá. Ẹni mẹ́rin ló ṣẹ́kù, bí áàpù ṣe wí.

Nítorí náà, kò sí irọ́ nínú ìṣirò wọn. Ibi tí a ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn ni pé gbogbo ohun tó mú kí iṣẹ́ ọmọ náà bàjẹ́, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán àgbò. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi sọ iye èèyàn àti èrè. Lẹ́tà wínníwínní ni wọ́n fi sọ iṣẹ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún. Ta ló lè fi dandan mú ládàánì kó ra nǹkan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ méje?

Ẹ jẹ́ ká wo èrè tí ilé-iṣẹ́ jẹ nínú ti ọmọ yìí nìkan. Nínú èèyàn 14, àwọn 11 ni kò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo àwọn 11 yìí ti di oníbàárà wọn, orúkọ wọn ti wọlé, BVN wọn ti wọlé. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n san ₦1,000 fún. Ẹni tó kó wọn wá kò gba kọ́bọ̀.

Èyí ni àṣírí tó wà nínú “ọ̀rẹ́ 10”. Bí wọ́n bá ń san owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó mú mẹ́rin wá yóò gba ti mẹ́rin. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ pé àfi kó pé mẹ́wàá, ẹni tó mú mẹ́sàn-án wá àti ẹni tó jókòó sílé jẹ́ ọgbọọgba. Nínú àdéhùn náà, wọ́n tún sọ pé ẹni 50 tó bá kọ́kọ́ pé mẹ́wàá nìkan ló máa gba àgbò. Ká ní àgbò kan jẹ́ ₦250,000. Àgbò 50 yóò jẹ́ mílíọ̀nù 12 àbọ̀ náírà. Bó bá jẹ́ oníbàárà 500 tí àwọn 50 náà mú wá nìkan ni ilé-iṣẹ́ rí, oníbàárà kan ti ná wọn ní ₦25,000, kò sì sí ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ká tún ní èèyàn 3,000 mìíràn mú ẹni mẹ́rin mẹ́rin wá bíi ti ọmọ wa. Ìyẹn ti jẹ́ oníbàárà 12,000 lórí 500 ti tẹ́lẹ̀. Mílíọ̀nù 12 àbọ̀ yẹn kan náà, tí a bá pín in sórí oníbàárà 12,500, ó di ₦1,000 lórí ẹnì kan. Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, ṣùgbọ́n bí ìṣirò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: àwọn tó ṣiṣẹ́ tí wọn kò gba nǹkan ló sọ àgbò di ọ̀pọ́ọ́kú fún ilé-iṣẹ́.

Ó tún ku ti ọjọ́. Èyí ló dùn wá jù, nítorí Mùsùlùmí ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí, ọdún Mùsùlùmí ni wọ́n sì dárúkọ. Ìpolongo náà parí ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Àdéhùn sọ pé èrè yóò tẹ olúwarẹ̀ lọ́wọ́ “láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10”. Iléyá ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Ẹ bá wa kà á. Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ Iléyá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin. Ọjọ́ Jímọ̀ jẹ́ ìsinmi, Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 9, náà jẹ́ ìsinmi tí ìjọba kéde. Ọjọ́ 12 jẹ́ ìsinmi àyájọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa. Tí a bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí àti òpin ọ̀sẹ̀ kúrò, ọjọ́ iṣẹ́ kẹwàá bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà. Ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ náà lè fa àgbò lé ẹni tó borí lọ́wọ́ ní ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí a ti kírun yídì, kò sì ní tíì yẹ̀ lórí àdéhùn rẹ̀.

Ní ojú ọ̀nà Ìmámù Málíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń pa ẹran Iléyá: ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà Ìmámù Sháfíì fi ọjọ́ kan kún un. Àgbò tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, ẹran ọbẹ̀ ni. Ẹni tó kọ “àgbò Iléyá” sínú ìpolówó, tó sì kọ “ọjọ́ iṣẹ́ 10” sísàlẹ̀, bóyá kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ọdún wa pa owó, ó yẹ kó bi wá ní ọjọ́ tí ọdún náà ń parí.

Àwọn kan ti ń bi wá bóyá hàráámù ni gbogbo rẹ̀ látilẹ̀. Rárá o. Kí èèyàn sọ pé “ẹni tó bá bá mi ṣe iṣẹ́ báyìí yóò gba báyìí” jẹ́ àdéhùn tí àwọn onímọ̀ mọ̀ dáadáa, júálà ni wọ́n ń pè é lédè Lárúbáwá. Ẹ̀rí tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni āyà 72 nínú Súrà Yúsúfù, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí ẹrù ràkúnmí kan fún ẹni tó bá mú ife ọba tó sọnù wá. Owó ọ̀yà alágbàtà náà kò ṣàjèjì: Ìmámù Búhárì ya àkòrí kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé rẹ̀, ó sì mẹ́nu bà á níbẹ̀ pé Íbínù Sírínì, Àtáù, Ìbúráhímù àti Hásánì kò rí aburú nínú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bí āyà yẹn ṣe rí. Iṣẹ́ náà yé èèyàn: ife kan pàtó. Owó ọ̀yà náà yé èèyàn: ẹrù ràkúnmí kan. Ẹni tó kéde rẹ̀ sì fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró. Ohun mẹ́ta yìí ni ìpolówó àgbò ń ṣe mọ́kumọ̀ku sí. Nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni 50 àkọ́kọ́ ló máa gbà á, tí áàpù kò sì fi hàn wá pé ẹni mélòó ló ti pé, òṣìṣẹ́ kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí òun ń ṣe lónìí ṣì ní owó ọ̀yà. Wọ́n tún fi í kún un pé “a lè fi ohun mìíràn rọ́pò àgbò”. Owó ọ̀yà fúnra rẹ̀ ti di ohun tí a kò mọ̀.

Àwọn Málíkì sọ pé ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kò ní ẹ̀tọ́ àfi bó bá parí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì lè gbá èyí mú pé ẹ̀yìn àwọn ni òfin wà. Ṣùgbọ́n àwọn Málíkì kan náà yọ ibì kan sọ́tọ̀: bí oníṣẹ́ bá gba ẹlòmíràn láti parí ohun tí ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ti àkọ́kọ́ yóò gba ìpín tirẹ̀ ní ìwọ̀n owó tí wọ́n san fún èkejì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòfò. Lójú tiwa, ilé-iṣẹ́ tó ti mú oníbàárà 11 sọ́wọ́ kò lè sọ pé iṣẹ́ ọmọ yẹn ṣòfò. Sísan owó lórí orí kọ̀ọ̀kan ló sún mọ́ òdodo jù.

Àwọn tí kò bá sí lára ẹni 50, wọ́n ní orúkọ wọn máa wọ inú ìbò, wọn yóò fọwọ́ mú ẹni 20 tó máa gba tọ́lótọ̀ló. Àwọn onímọ̀ òde òní ya ọ̀nà lórí ìbò tí olùkópa kò sanwó wọ̀. Àwọn kan kà á sí ọrẹ, àwọn kan ní ó fara pẹ́ tẹ́tẹ́. A kò ní dá ẹjọ́ yẹn níhìn-ín. Ohun tí a mọ̀ ni pé bí ìpolówó bá ní kí o kọ́kọ́ ra káàdì tàbí san owó kí orúkọ rẹ tó wọ inú ìbò, tẹ́tẹ́ ni, àwòrán àgbò kò sì lè sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ₦1,000 tí wọ́n ń fún ọ̀rẹ́ gba ìṣọ́ra ju ti ẹni tó pè é lọ. Owó tí a fi sí àkáǹtì báńkì, bí ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe kà á, pé báńkì ló jẹ wá ní owó náà. Bí wọ́n bá wá ní “fi ₦5,000 sílẹ̀ kí o gba ₦1,000”, èrè lórí ẹ̀yáwó ti ń yọjú, ilẹ̀kùn ríbà sì ni. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fún un nítorí pé ó forúkọ sílẹ̀, láìso ó mọ́ owó tó fi pamọ́, ọ̀rọ̀ fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn kan péré ló ya méjèèjì sọ́tọ̀, ẹni tó ń kọ ìpolówó ló sì máa yàn án.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rẹ́ yìí, nítorí òun ni ìpolówó kì í bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ládàánì gba líǹkì lọ́wọ́ ọmọ wa, ohun tó gbọ́ ni pé “Bàbá, áàpù yìí dáa, ẹ ṣe é.” Ìmọ̀ràn ló pè é. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àgbò wà nídìí ìmọ̀ràn náà. Ọ̀rọ̀ tí áàpù ti kọ sílẹ̀ fún ọmọ náà láti fi ránṣẹ́, tó kàn tẹ̀ ẹ́ ni, kò sọ ọ́ rárá, ńṣe ló ní “Mò ń lo áàpù yìí, mo sì gbádùn rẹ̀.” Ọmọ náà kò tíì lò ó ju ọjọ́ méjì lọ. Ilé-iṣẹ́ ti bá a kọ ẹ̀rí tí òun kò jẹ́! Ó burú jù bó bá jẹ́ ìmáámù tàbí àlùfáà ló fi kóòdù tirẹ̀ sínú ẹgbẹ́ Wásáàpù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Jámáà kò ní mọ ibi tí wáàsí parí sí àti ibi tí iṣẹ́ alágbàtà ti bẹ̀rẹ̀. A ti rí i lójú wa, a sì ti bá àwọn kan lára wọn sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Nǹkan mìíràn tí a rí ni pé áàpù náà ní kí ọmọ yìí “jẹ́ kí a bá ọ wá ọ̀rẹ́”. Bó ṣe tẹ “bẹ́ẹ̀ ni”, gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀ ti di ti wọn. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ohun ìní mi tí mo lè fi tọrẹ. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ẹni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2023 kò fàyè gba kí ilé-iṣẹ́ máa lo ìsọfúnni èèyàn láìsí ìdí tí òfin mọ̀, ìyọ̀ǹda ẹni náà fúnra rẹ̀ sì wà lára ìdí wọ̀nyí. Ìyọ̀ǹda ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní ti ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 kà á léèwọ̀, àjọ FCCPC sì ni èèyàn lè fi ẹjọ́ sùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ti àwọn olówó ìlọ́po. MMM náà ní èrè fún ẹni tó bá mú èèyàn wá, ìdá mẹ́wàá nínú owó tí ẹni náà bá fi sílẹ̀, kó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀ lọ́nà. CBEX tó wó ní oṣù kẹrin ọdún 2025 náà gbára lé kí èèyàn máa fa èèyàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ṣòroó rí: ẹ béèrè ibi tí owó èrè ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ nínú owó tí ẹni tuntun mú wá ni wọ́n ti ń san ti ẹni àtijọ́, ọjọ́ tí ẹni tuntun bá tán ni ọjọ́ ìparun. Ilé-iṣẹ́ tí a ń sọ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe, owó ìpolówó rẹ̀ ló fẹ́ fi ra àgbò. Ọ̀rọ̀ tó kọ ló kù díẹ̀ káàtó.

Ǹjẹ́ wọ́n lè kọ ọ́ dáadáa kó sì tún fa èèyàn mọ́ra? A gbìyànjú rẹ̀ nínú ọ́fíìsì wa, ó gùn ju tàkọ́kọ́ lọ:

“Fún Iléyá yìí, a ó san ₦2,000 fún ọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá fi kóòdù rẹ ṣí àkáǹtì àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, lórí fóònù ara rẹ̀, tó sì ra nǹkan lẹ́ẹ̀kan kó tó di ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún. Ẹni 20 ni a lè sanwó lé lórí fún ọ. Owó rẹ yóò wọlé ní ọjọ́ 28, kí o lè fi kún owó àgbò. Jọ̀wọ́ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé a ó fún ọ ní nǹkan.”

Kò sí àwòrán àgbò níbẹ̀, nítorí kì í ṣe àgbò ni wọ́n ń fúnni. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú irú èyí, ọmọ wa ì bá ti gba ₦8,000 lórí ẹni mẹ́rin tirẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ọdún. Bó bá sì ti rí i látìbẹ̀rẹ̀ pé “fóònù ara rẹ̀” ni, ì bá ti jẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ̀ mú fóònù tirẹ̀ wá.

Nígbà tí a pè é ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti lọ bá àwọn 14 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, òun sì ti sọ fún wọn pé àgbò lòun ń wá nígbà yẹn. Ládàánì rẹ́rìn-ín. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ní òun ti mọ̀. Ẹni méjì ní kó bá àwọn pa àkáǹtì náà rẹ́, ó sì sọ fún wa pé ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ nínú áàpù náà ṣòroó rí ju ibi tí wọ́n ti ń ṣí i lọ.